Ẹ yéé fi wàràwàrà já ìfúnpá wálẹ̀

Àṣà kan wà ní àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké àti ilé ìtajà oògùn wa tí a fẹ́ kó dópin. Ẹnìkan wọlé, wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, nọ́ńbà tó jáde sì ba gbogbo èèyàn lẹ́rù: 210 lórí 120. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ lu kápúsù nìfẹ́dípìn, wọ́n á fún omi inú rẹ̀ sábẹ́ ahọ́n rẹ̀, wọ́n á sì máa wọn ìfúnpá náà léraléra títí yóò fi já wálẹ̀. Bó bá ti di 120 lórí 70, kálukú á dúpẹ́, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Èrò tiwa ni pé fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, ìtọ́jú yìí léwu ju nọ́ńbà tí wọ́n gbé wá lọ.

Ìdí ni pé nọ́ńbà nìkan kọ́ ló ń sọ ọ̀rọ̀ di pàjáwìrì. Nígbà tí ìfúnpá bá ti kọjá 180 lókè tàbí 120 nísàlẹ̀, ohun tó yẹ kí dókítà kọ́kọ́ wá ni bóyá ẹ̀yà ara kan ń bàjẹ́ lọ́wọ́ báyìí nítorí rẹ̀: ọpọlọ, ọkàn, kíndìnrín, ojú, tàbí òpó iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń bàjẹ́, pàjáwìrì ni, aláìsàn náà gbọ́dọ̀ wọ ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí èyí tó ń bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru tó le ni, tí a kò kápá. Èyí náà ń pa èèyàn o, ṣùgbọ́n ọdún ni ó fi ń ṣe é. Wàràwàrà kò kápá rẹ̀, oògùn tí a ń lò déédéé ló ń kápá rẹ̀.

Kí ló wá burú nínú kí nọ́ńbà tètè wálẹ̀? Ọpọlọ ni ká wò. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké inú ọpọlọ máa ń fún ara wọn bí ìfúnpá bá ga, wọ́n sì máa ń là bó bá lọ sílẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọpọlọ má baà pọ̀ jù tàbí kéré jù. Lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru fún ọdún pípẹ́, ògiri àwọn iṣan wọ̀nyí ti nípọn, wọ́n ti bá ìfúnpá gíga mu, wọn kò sì lè là tó mọ́ bí ìfúnpá bá já lójijì. Ọmọ ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì kan, Strandgaard, wọn èyí, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1976. Ìpíndọ́gba ìfúnpá ló lò, èyí tí a ń rí bí a bá mú nọ́ńbà ìsàlẹ̀, tí a fi ìdá kan nínú mẹ́ta ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti tòkè kún un. Àwọn tí ara wọn le lè fara da ìpíndọ́gba tó wálẹ̀ dé nǹkan bí 73 kí ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru tiwọn le, tí a kò sì kápá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ ti ń dín kù láti nǹkan bí 113.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wo aláìsàn wa. Ìpíndọ́gba 210 lórí 120 jẹ́ 150. Ti 120 lórí 70 tí inú gbogbo èèyàn dùn sí jẹ́ nǹkan bí 87. Nọ́ńbà tó dára lójú nọ́ọ̀sì yẹn ti já kọjá ibi tí ọpọlọ aláìsàn náà lè fara dà. Bí òòyì bá wá gbé e lójú ọ̀nà, tí ó dákú, tàbí tí apá rẹ̀ kan kú kó tó délé, àwọn aládùúgbò á ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé e ṣánlẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò rántí kápúsù.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun rárá. Ní 1985, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà kọ̀ láti fọwọ́ sí lílo kápúsù nìfẹ́dípìn yìí fún ìfúnpá tó ga lójijì. Ní 1996, Grossman, Messerli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kó ìròyìn jọ nípa àwọn aláìsàn tí rọpárọsẹ̀ kọlù, tí ọkàn wọn kò rí ẹ̀jẹ̀ tó, àti àwọn tó kú, lẹ́yìn tí wọ́n lo kápúsù náà, wọ́n sì ní kí àwọn dókítà jáwọ́ ńbẹ̀. Abẹ́ ahọ́n gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ fa oògùn náà: èyí tí aláìsàn bá gbé mì ló ń ṣiṣẹ́. Kò sì sí ẹni tó lè sọ ibi tí ìfúnpá yóò já dé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bí a ṣe lè dá a dúró bó bá ti ń já. Ó dùn wá pé wọ́n ṣì ń ṣe é lọ́dọ̀ wa.

Báwo ló ṣe yẹ kó rí? Ká ní ìyá aláṣọ kan wá sí ilé ìwòsàn nítorí orúnkún tó ń dùn ún, ẹni ọdún 58, tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti tán láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. 210 lórí 120. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ wo aṣọ ìwọnfúnpá tí wọ́n so mọ́ ọn lápá, nítorí èyí tó kéré fún apá ńlá máa ń gbé nọ́ńbà sókè lásán. Á ní kí ìyá lọ tọ̀ bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n, kó jókòó kó fẹ̀yìn ti àga, kó gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀, kó gbé apá lé tábìlì, kó sì sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìsọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ìfúnpá ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀ báyìí láìlo oògùn kankan. Wọ́n tún un wọ̀n: 196 lórí 112.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè. Ṣé àyà ń dùn yín, Mà? Ṣé ẹ ń mí dáadáa bí ẹ bá dùbúlẹ̀? Ṣé ojú yín ń ṣe bàìbàì? Ṣé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan rọ? Ṣé iyè yín ò dàrú, ṣé ẹ ò sì máa bì? Nọ́ọ̀sì á wo ìtọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tàbí èròjà purotéènì wà níbẹ̀, dókítà á sì fi iná wo ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀. Orí fífọ́ lásán, láìsí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, kò tíì sọ ọ́ di pàjáwìrì. Ìyá yìí kò ní ọ̀kankan. Oògùn rẹ̀ tó tán ni àìsàn rẹ̀: kí wọ́n dá àmílódípìn àti losatáànì rẹ̀ padà fún un, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti fi wo kíndìnrín, kó sì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Àmílódípìn máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ kan kí agbára rẹ̀ tó pé lára, nítorí náà, bí wọ́n bá rí 172 lórí 100 lọ́jọ́ náà, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bí kò bá tó, wọ́n á fi oògùn tó ń mú ni tọ̀ kún un. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ìfúnpá yẹn máa gbà kó tó wọ abẹ́ 140 lórí 90, kò sì sí àṣìṣe níbẹ̀.

Ká wá ní awakọ̀ akẹ́rù kan, ẹni ọdún 52, gbé 210 lórí 120 kan náà wá, ṣùgbọ́n ó ti ń bì láti ìjẹta, kò ríran dáadáa, kò sì dá orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ti ń sun ní ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Pàjáwìrì gidi rèé. Wọ́n á ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀ láti mọ̀ pé kì í ṣe rọpárọsẹ̀, wọ́n á sì fún un ní oògùn bíi labẹ́tálólù gba inú iṣan, díẹ̀díẹ̀, lójú ẹni tó dúró tì í. Síbẹ̀, lára òun pàápàá, ìpíndọ́gba ìfúnpá kò gbọ́dọ̀ fi ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ sílẹ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́. Ìdá mẹ́rin 150 jẹ́ nǹkan bí 38, nítorí náà 112 ni òpin. Ààlà ni, kì í ṣe ibi tí à ń sáré lọ: 170 lórí 100 ti tó fún wákàtí yẹn. Láàárín wákàtí méjì sí mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, kó wá sí nǹkan bí 160 lórí 100, kó tó máa fi ọjọ́ kan sí méjì sún mọ́ ibi tó yẹ. Bó bá tún ń sùn wọra sí i bí ìfúnpá ṣe ń lọ sílẹ̀, tàbí tí apá kan rọ tí kò rọ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti já a jù, kí wọ́n dá oògùn náà dúró.

Òfin ìdá mẹ́rin yìí kò kan gbogbo èèyàn. Bí òpó iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá bá ń ya, tí ìrora sì ń fa aláìsàn ya láyà àti lẹ́yìn, wọ́n gbọ́dọ̀ sáré mú nọ́ńbà òkè wá sí 120 tàbí kó dín. Bí rọpárọsẹ̀ bá jẹ́ èyí tí ẹ̀jẹ̀ dídì fà, ọwọ́ ni kí wọ́n kó kúrò níbẹ̀ àyàfi tó bá kọjá 220 lórí 120, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ lo oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì. Ti aboyún àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ló ń kó wa lọ́kàn sókè jù, nítorí nọ́ńbà tiwọn kò ní í ga tó èyí tó ń dẹ́rù ba èèyàn: 160 lórí 110 tó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó kí ọpọlọ bẹ̀rẹ̀ sí í sun ẹ̀jẹ̀ tàbí kí gìrì gbé wọn. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ rí oògùn. Níhìn-ín, nìfẹ́dípìn tí a gbé mì lẹ́nu wà lára ìtọ́jú tó tọ̀nà, pẹ̀lú labẹ́tálólù tàbí haidírálásìn, àti magiṣíọ́mù nítorí gìrì. Kí wọ́n má sì jẹ́ kó lọ sílẹ̀ púpọ̀ kọjá 140 lórí 90, torí ibi ọmọ náà ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀.

Láti 2020 ni ìjọba àpapọ̀ àti àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀ ti ń gbé ètò ìkápá ẹ̀jẹ̀ ríru kalẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Kánò, tí nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera ń tẹ̀ lé ìlànà kan ṣoṣo tó bẹ̀rẹ̀ láti orí àmílódípìn. Ọ̀nà tó yẹ kí ìyá aláṣọ yẹn rìn nìyẹn, a sì ń bèèrè pé kí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá yòókù náà ṣe bẹ́ẹ̀, kí oògùn sì wà lórí pẹpẹ nígbà gbogbo, nítorí àìsí oògùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbé e dé 210. Kí kọ́míṣọ́nnà ètò ìlera kọ̀ọ̀kan fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn aládàáni àti àwọn ẹgbẹ́ olóògùn pé kí wọ́n jáwọ́ nínú fífún kápúsù sábẹ́ ahọ́n. Kí wọ́n sì rí i dájú pé ọsibítù ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní labẹ́tálólù tí a ń fún ni gba inú iṣan, magiṣíọ́mù, àti nọ́ọ̀sì kan tí yóò jókòó ti aláìsàn náà ní wákàtí àkọ́kọ́ yẹn.