Gómìnà Kú, Kò 'Ń Kú': Ẹ Jẹ́ Ká Ṣọ́ Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Àwọn Ọmọ Wa

Ìyá àgbà kan láàárín wa ní kí ọmọ-ọmọ òun ka ìwé ìròyìn Gẹ́ẹ̀sì fún òun. Ọmọ wo àkọlé ojú ewé àkọ́kọ́, ó ní: "Gómìnà àná ń kú." Ni màmá bá kúnlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pé kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí ọkùnrin náà sí. Ìgbà tí bàbá ọmọ wọlé ló tó sọ fún wọn pé ọkùnrin ọ̀hún ti kú láti àná.

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ a ò lè bá ọmọ náà wí. Ohun tó rí ló kà. Àwọn oníwèé ìròyìn Gẹ́ẹ̀sì máa ń kọ àkọlé bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lójú wa, kódà bó jẹ́ àná ló ṣẹlẹ̀. Abẹ́ àkọlé, nínú ìròyìn gan-an, ni wọ́n ti ń padà sí àsìkò tó ti kọjá. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ìwé pé 'ń' ni Yorùbá fi ń sọ ohun tó ń lọ lọ́wọ́ yóò fi 'ń' sí i láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti wọlé. Yorùbá kì í yí ọ̀rọ̀ ìṣe padà nítorí àná tàbí òní. Ìdí nìyẹn tí àwọn onígírámà wa fi pe àsìkò náà ní afànámónìí. Tí a bá sọ pé "Gómìnà kú" láìfi nǹkan kan kún un, ọ̀rọ̀ ti parí. 'Ń' kò sọ pé òní ni. Ohun tó ń sọ ni pé nǹkan náà kò tíì parí nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àkọlé tó tọ́ ni "Gómìnà àná kú."

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀fẹ̀. Gẹ́ẹ̀sì á sọ ẹ̀fẹ̀ bí ohun tó ń lọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tiwa ni: "Ọ̀mùtí kan wọ ilé ọtí, ó jókòó, ó ní kí wọ́n gbé ẹmu wá." Ọmọ tó bá ní "Ọ̀mùtí kan ń wọ ilé ọtí, ó ń jókòó," ńṣe ni a ó máa dúró kó jókòó tán. Àmọ́ tó bá ní "Bí ó ṣe ń jókòó ni àga yẹ̀," ó gbà á, nítorí ìjókòó náà kò tíì parí tí àga fi yẹ̀. Olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ fagi lé ìyẹn.

Ẹ wá jẹ́ ká wo bọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ ọdún 1996, Nàìjíríà na Ajẹntínà ní 3 sí 2 ní Òlíḿpíìkì, Amunike ló sì gbá góólù ìkẹyìn wọlé. Ẹni tó bá ń sọ ọ́ lórí rédíò ní Yorùbá á ní: "Amunike ń sáré bọ̀! Ó gbá a! Ó wọlé!" Sísáré gba 'ń' nítorí ó ń lọ lọ́wọ́. Gbígbá kò gbà á, nítorí kíákíá ló parí.

Tí a bá wá ní kí ọmọ yí gbólóhùn mẹ́ta yìí sí Gẹ́ẹ̀sì ńkọ́? A gbọ́ pé olùkọ́ kan fún ọmọ ní òdo nítorí ó kọ ọ́ ní àsìkò òní. Lójú tiwa, ìbéèrè ló yẹ kó dá ẹjọ́ yìí. Bí ìbéèrè bá ní kí ọmọ ṣe bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, tàbí kó kọ àkọlé, tàbí kó sọ ẹ̀fẹ̀, àsìkò òní tọ̀nà ní Gẹ́ẹ̀sì. Bó bá jẹ́ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ nípa ìdíje náà ni, tàbí tí "lánàá" tàbí "ní ọdún 1996" bá wà nínú gbólóhùn, àsìkò tó ti kọjá nìkan ni kó kọ. Èyí tó bá sì mú, kó dì í mú dé òpin. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn ní òní, tó bọ́ sí àná láàárín, tó tún padà sí òní, òun ni máàkì tọ́ sí kí ó dín.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá mú iṣẹ́ Yorùbá wálé, ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré níwájú gbogbo 'ń' tó bá kọ: "Ṣé ó ti parí àbí kò tíì parí?" Bó bá ti parí, kó yọ 'ń' kúrò. Kí a má baà tún máa gbàdúrà ìwòsàn fún ẹni tí wọ́n ti sin.