Ọ̀RỌ̀ OLÓÒTÚ: EPO NÌKAN KỌ́ NI MỌ́TÒ Ń JẸ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí kan àwọn aṣojú ìtajà tó wà láàárín wa, àwọn tó ń fi mọ́tò ara wọn lọ bá oníbàárà ilé iṣẹ́ káàkiri. Ní ìpàdé ẹ̀ka wa tó kọjá ní Ìjẹmọ níhìn-ín, ọ̀kan nínú wọn dìde, ó ní: "Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Lóṣooṣù ni ilé iṣẹ́ ń san owó máìlì fún mi, lóṣooṣù náà ni mo ń yá owó tún mọ́tò ṣe. Èmi àti ilé iṣẹ́, ta ló jẹ ẹnì kejì ní gbèsè?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́.

A gba ìwé rẹ̀ wò. ₦45 ni ilé iṣẹ́ rẹ̀, tí a kò ní dárúkọ, ń san lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 ni wọ́n fọwọ́ sí i, nígbà tí lítà epo kan jẹ́ ₦165. Mọ́tò rẹ̀ ń rin kìlómítà 10 lórí lítà kan, nítorí náà ₦16.50 péré ni epo ń jẹ nínú ₦45 náà nígbà yẹn. ₦28.50 ṣẹ́kù fún ọ́ìlì, táyà àti àtúnṣe. Kò burú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí oṣù náà tó parí, epo ti di ₦488 l'Ékòó. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá 2024, ó ti tó nǹkan bí ₦1,000. Láti ìgbà náà ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, ṣùgbọ́n ₦45 jókòó síbi tó wà bí ère.

Kí ìṣirò wa lè rọrùn, ẹ jẹ́ kí a mú epo ní ₦900 lítà kan. Ẹni tó bá ń kà á, kí ó fi iye tó bá wà lójú pọ́ọ̀ǹpù ládùúgbò rẹ̀ rọ́pò. ₦900 tí a bá pín sí kìlómítà 10, ₦90 ni. Èyí ni pé ìdajì owó epo ni ilé iṣẹ́ ń san. Òṣìṣẹ́ ló ń fi owó oṣù rẹ̀ ra ìdajì tó kù, kó tó wá kan táyà.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé kìlómítà 10 ni mọ́tò náà ń rin? A kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu, a kò sì gba ohun tí ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò sọ, nítorí ojú ọ̀nà wọn kì í ṣe ojú ọ̀nà wa. Ṣe ni a ní kó lọ sí ilé epo kó rọ epo kún táńkì dẹ́nu. Ó kọ iye tó wà lójú míítà sílẹ̀: 84,210. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ bó ti máa ń ṣe é. Nígbà tó padà rọ epo kún dẹ́nu lẹ́ẹ̀kejì ní ilé epo kan náà, lítà 32 ló wọlé, míítà sì ti di 84,530. Kìlómítà 320 ló rìn, lítà 32 ló jó. Bí a bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí iye rẹ̀ sì sún mọ́ra, kò sí akáúńtáǹtì tó lè já a nírọ́.

Ẹ ṣọ́ra níbi kan o. Púpọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ni míítà wọn ń kà, kì í ṣe kìlómítà. Máìlì 100 tó kìlómítà 161. Ẹni tó bá rìn máìlì 100 tó sì kọ 100 sínú fọ́ọ̀mù kìlómítà, ó ti fi kìlómítà 61 ta ilé iṣẹ́ lọ́rẹ. A rí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan gbáko láìmọ̀.

Ó wá kan ohun tí kì í ṣe epo. A jókòó pẹ̀lú rísíìtì arákùnrin wa yìí. Ó ń pààrọ̀ ọ́ìlì àti fíltà ní kìlómítà 5,000-5,000, ₦60,000 ló ń ná an: ₦12 nìyẹn lórí kìlómítà kan. Táyà mẹ́rin ná an ní ₦320,000, wọ́n sì lò tó kìlómítà 32,000: ₦10. Bíréèkì, plọ́ọ̀gù, ṣọ́ọ̀kì àti owó mẹkáníìkì jẹ́ ₦300,000 lọ́dún tó rìn kìlómítà 20,000: ₦15. Ìnṣọ́ránsì àti ìwé ọkọ̀ jẹ́ ₦40,000 lọ́dún: ₦2. Ẹ kíyè sí i pé gbogbo kìlómítà tí mọ́tò rìn lọ́dún, ti iṣẹ́ àti ti ilé, ni a fi pín owó wọ̀nyí. Bí ó bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ìsìnkú, òun ló ru ìpín ti ibẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé a ń fi owó ilé iṣẹ́ ṣe fàájì.

Èyí tó kù ni gbígbó mọ́tò fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ariyànjiyàn máa ń wà. Mánéjà á ní: "Ìwọ tó o ra mọ́tò ní mílíọ̀nù méjì, tó sì ti ń lọ ní mílíọ̀nù mẹ́ta báyìí, èrè lo ń jẹ!" Irọ́ tó wọ aṣọ òótọ́ ni. Mọ́tò kò gún régé sí i, náírà ló fẹ́lẹ́. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí a béèrè iye tí wọ́n ń ta irú mọ́tò náà lónìí bí ó bá wà bó ti wà lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ rà á, kí a sì yọ iye tí ti òṣìṣẹ́ lè mú wá lónìí kúrò. Ti arákùnrin wa, ₦5,000,000 ni àkọ́kọ́, ₦3,400,000 ni èkejì. ₦1,600,000 ló ti gbó dànù láàárín kìlómítà 80,000: ₦20 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá gba owó yìí, lọ́jọ́ tí mọ́tò bá kú, kò ní rí òmíràn rà, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Epo ₦90, àwọn yòókù ₦59, ó di ₦149.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọjọ́ iṣẹ́ kan. Ó kúrò nílé ní Ìjẹmọ, míítà wà ní 84,610. Ó dé ọ́fíìsì ní Òkè-Ìlèwó, ó di 84,616. Ó gba Ìtòrí àti Ìfọ̀ dé Ṣángò lọ bá àwọn oníbàárà, ó padà sí ọ́fíìsì ní 84,750, ó sì délé ní 84,756. Kìlómítà 146 ni mọ́tò rìn, ṣùgbọ́n 146 kọ́ ni yóò kọ. Láti ilé sí ọ́fíìsì àti àbọ̀ rẹ̀, kìlómítà 12, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nìyẹn, bí a ṣe ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ibi láyé. Ó ku 134. Ó yà kí ìyá ìyàwó rẹ̀ ní Ìfọ̀, kìlómítà 4 ló jẹ, ó yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó ku 130. Ní ₦149, ₦19,370 ló tọ́ sí i. Ní ₦45, ₦5,850 ni ilé iṣẹ́ san. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ₦13,520 ti wọlé sápò ilé iṣẹ́ láti àpò òṣìṣẹ́. Kìlómítà 1,200 ló ń rìn fún iṣẹ́ lóṣù. Àdánù oṣù kan jẹ́ ₦124,800. Ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀ nìyẹn: ilé iṣẹ́ ló jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Kí ni ẹ̀ka yìí ń béèrè? A kò ní kí wọ́n kọ ₦149 sílẹ̀ kí wọ́n tún sùn lé e. Pípa owó pọ̀ sójú kan ló dá wàhálà yìí sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹrin 2011 ni ìjọba ti fi owó máìlì sí pẹ́ńsì 45 lórí máìlì 10,000 àkọ́kọ́, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ nígbà tí ọjà ń gbówó lórí. Ní Amẹ́ríkà, lọ́dọọdún ni ilé iṣẹ́ owó orí ń kéde iye tiwọn, ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ sì ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí epo wọ́n ní 2022, wọn kò dúró de ọdún tuntun. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ni wọ́n ti gbé e láti sẹ́ǹtì 58.5 sí 62.5.

Ohun tí a fẹ́ kí wọ́n kọ sínú àdéhùn ni pé kí owó máìlì ní apá méjì. Apá kìíní ni epo: iye lítà kan lójú pọ́ọ̀ǹpù ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù, tí a pín sí kìlómítà tí mọ́tò ń rin lórí lítà kan. Apá kejì ni àwọn yòókù, tí ẹgbẹ́ àti ilé iṣẹ́ yóò jọ yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún pẹ̀lú rísíìtì. Bí epo bá fi ₦100 lé, owó máìlì mọ́tò oníkìlómítà 10 yóò fi ₦10 lé. Bí epo bá fi ₦100 wálẹ̀, kí ₦10 kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tó bá dára fún ọwọ́ ọ̀tún, kí ó dára fún ọwọ́ òsì.

Ṣùgbọ́n a kò lè mú ọwọ́ àìmọ́ lọ sídìí tábìlì ìdúnàádúrà. Àwọn kan nínú wa ń jókòó lópin oṣù, wọ́n ń ti orí kọ kìlómítà: 100, 150, 200, gbogbo rẹ̀ ń parí sí òdo. Ojú míítà kì í parí sí òdo lójoojúmọ́, akáúńtáǹtì sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó kọ kìlómítà 1,200, tí rísíìtì epo rẹ̀ kò ju lítà 60 lọ, ti já ara rẹ̀ nírọ́, ó sì ti ba ọ̀rọ̀ gbogbo wa jẹ́. Nítorí náà, kí olúkúlùkù ra ìwé kékeré kan sínú mọ́tò. Kí ó kọ déètì, ibi tó lọ, orúkọ oníbàárà, míítà ní àlọ àti ní àbọ̀, lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí míítà rẹ̀ bá ti kú, kí ó tún un ṣe. Títí dìgbà náà, kí òun àti ọ̀gá rẹ̀ jọ fi mọ́tò mìíràn wọn ọ̀nà tó ń gbà, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i.

Ìwé ìṣirò yìí ni a ó gbé síwájú àwọn ọ̀gá ní ìjókòó tó ń bọ̀. Kí gbogbo aṣojú ìtajà kó ìwé míítà àti rísíìtì oṣù mẹ́ta wá fún akọ̀wé ẹ̀ka ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ ni mọ́tò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ ẹlòmíràn rìn, kí ó ra bàtà fún un.