Ìrìn Ju Ìrìn Lọ
Bí òǹkọ̀wé bá kọ ọ́ pé ẹnì kan rìn wọlé, tí kò fi nǹkan kan kún un, ó ti fi ìdajì ìtàn dù wá, nítorí ẹni tó nasẹ̀ jáde nírọ̀lẹ́, nǹkan kan kò lé e, ẹni tó ń yan fanda sì ń fẹ́ kí ayé rí òun. Ti ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn ló gba àròjinlẹ̀: ẹni tó ń tiro, ọmọọka ẹsẹ̀ ló fi ń tẹlẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ kò balẹ̀, bóyá ẹ̀gún ló gún un, èyí tí a lè yọ, ṣùgbọ́n amúkùn-ún, tí wọ́n ní ẹrù rẹ̀ wọ́, tó ní ìsàlẹ̀ ló ti wọ́, ti mọ ibi tí tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa àwọn méjèèjì pọ̀.