Ejẹ́ǹtì Kọ́ Ló Máa Sọ Ọmọ Wa Di Nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Kánò àti ní gbogbo Òkè Ọya, ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n a máa sọ ọ́. Láàárín àwa tí à ń tajà ní Sábọ́ńgàrì, a ti rí àwọn tó ta ilẹ̀, tí wọ́n sì yá owó lé e, kí wọ́n lè san án fún ejẹ́ǹtì tó ní òun máa bá ọmọ wọn "ṣe ìwé" kó lè di nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà. Ọdún kan á kọjá, ìwé ò ní jáde. Ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í gbààwẹ̀, bàbá á ní ayé ló ń dí ọ̀nà. Àwa ò gbà pé ayé ni. Ohun tí wọ́n ń sanwó fún kò sí lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń san án fún.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fún nọ́ọ̀sì ní láísẹ́ǹsì. Kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó gbà kí ọmọ tó kàwé nílẹ̀ òkèèrè jókòó ṣe ìdánwò NCLEX, wọ́n á ní kí ilé-iṣẹ́ kan kọ́kọ́ yẹ ẹ̀kọ́ rẹ̀ wò. Èyí tí àwọn èèyàn mọ̀ jù ni CGFNS tó wà ní Filadẹ́fíà. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1977, ó sì yí orúkọ padà sí TruMerit ní 2025. Iṣẹ́ wọn ni láti wò ó bóyá ohun tí ọmọ yẹn kọ́ bá ti nọ́ọ̀sì tó kàwé lọ́dọ̀ wọn mu.

Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ wà rèé: sàtífíkéètì tí ẹ fi férémù sí, tí ẹ gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀, kọ́ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ìdájọ́. Tíráńsíkíríìpù ni wọ́n fẹ́, ilé-ìwé tó kọ́ ọmọ náà ló sì gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ sí wọn fúnra rẹ̀. Ẹ̀rí láísẹ́ǹsì rẹ̀ náà, Kánsù àwọn nọ́ọ̀sì ní Àbújá ló gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́. Èyí tó bá gba ọwọ́ ọmọ kọjá, tàbí ọwọ́ bàbá rẹ̀, tàbí ọwọ́ ejẹ́ǹtì, wọn ò ní kà á sí.

Àwa ọlọ́jà ló yẹ kó tètè yé. Bí ọjà bá ti Ọ̀nìṣà dé ní gáréèjì, tí wọ́n ti tú okùn tí oníbàárà fi dì í, ṣé ẹ máa gbà á láìbéèrè? Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ìwé tó bá ti yà sọ́dọ̀ ẹlòmíì lọ́nà, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ti fi kún un.

Kí wá ni ejẹ́ǹtì ń ṣe? Ó ń kọ fọ́ọ̀mù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń fi káàdì sanwó. Ó parí. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé ímeèlì ara rẹ̀ ló fi ń ṣí àkáǹtì ọmọ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo lẹ́tà ń lọ.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin kan láàárín wa. Ilé-ìwé nọ́ọ̀sì kan ní Òkè Ọya níbí ló ti jáde, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù. Ejẹ́ǹtì gba owó, ó ní oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́wàá kọjá. Nígbà tí ọmọ yẹn fi ipá gba páásíwọ́ọ̀dù, tó ṣí ímeèlì, ó bá lẹ́tà mẹ́rin tí wọ́n ti kọ sí i, ejẹ́ǹtì ò dáhùn ọ̀kan.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ ní orúkọ ò bára mu. Nínú èsì Wáẹ́kì, Folasade ló wà níbẹ̀. Akọ̀wé ilé-ìwé ti kọ ọ́ ní Folashade. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ló sì wà lórí láísẹ́ǹsì. Lójú ẹni tó wà ní Filadẹ́fíà, èèyàn mẹ́ta nìyẹn. Lẹ́tà kejì ní tíráńsíkíríìpù ò tíì dé. Ó tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta láti béèrè ohun kan náà. Ìkẹrin ní ó ti dé, ṣùgbọ́n máàkì nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sí wákàtí.

Wákàtí yìí ni ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Kì í ṣe bóyá ọmọ yege nìkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n fẹ́ mọ iye wákàtí tó lò ní kíláàsì àti iye tó lò ní wọ́ọ̀dù, lórí ìtọ́jú àgbàlagbà tó ń ṣàìsàn tàbí tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, lórí aboyún àti ọmọ tuntun, lórí ọmọdé, àti lórí àìsàn ọpọlọ. Ọmọ yìí lọ ṣe ti àìsàn ọpọlọ ní ọsibítù míì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ilé-ìwé ò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ṣe é, ṣùgbọ́n nínú ìwé, kò ṣe é. Ejẹ́ǹtì wo ló lè bá a kọ ìyẹn? Ilé-ìwé nìkan ló lè wá inú fáìlì, kó sì kọ tuntun. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló lọ bá wọn. Ó mú ìwé ìgbéyàwó àti áfídáfíìtì ti kóòtù lọ́wọ́ fún ti orúkọ, ó dúró títí wọ́n fi kọ wákàtí yẹn, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́. Ìgbà yẹn ni ìwé tó ń rìn.

Ẹnì kan á ní ejẹ́ǹtì mọ èèyàn nínú ọ́fíìsì. Ó dáa. Bí ẹni tó mọ̀ yẹn bá kọ wákàtí tí kò sí nínú fáìlì, tí wọ́n sì bi ilé-ìwé léèrè, orúkọ ta ló máa bàjẹ́? Ti ọmọ yín ni. Ejẹ́ǹtì á ti pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ọmọ tó jáde ilé-ìwé ló yẹ kí orúkọ rẹ̀ ti bára mu níbi gbogbo, kó sì ti béèrè bóyá wákàtí wà nínú fáìlì rẹ̀. Kó fi ímeèlì ara rẹ̀ ṣí àkáǹtì. Kó kọ́kọ́ mọ ìpínlẹ̀ tó ń lọ, nítorí ohun tí ìpínlẹ̀ kan ń béèrè lè yàtọ̀ sí ti òmíì. Kó sì máa ka ìkéde Kánsù fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n gbé ìlànà jáde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn tó gba láísẹ́ǹsì kí wọ́n tó bá a fi ẹ̀rí ránṣẹ́ sókè òkun. Àwọn nọ́ọ̀sì fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ejẹ́ǹtì tó bá gba owó lọ́wọ́ ọmọ tó jáde lánàá, tó ń ṣèlérí oṣù mẹ́ta, olè ni.

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ẹ ń dá aṣọ ẹbí lọ́dọọdún. Ìgbà wo lẹ rán èèyàn mẹ́ta lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé nọ́ọ̀sì tí àwọn ọmọ wa wà, láti sọ pé kí wọ́n máa kọ wákàtí sínú tíráńsíkíríìpù, kí wọ́n sì máa fi ránṣẹ́ lásìkò? Owó mọ́tò lásán nìyẹn máa ná wa. Ẹ jẹ́ ká lọ kí ilé-ìwé tó wọlé ní sáà tó ń bọ̀.