Ẹ Fún Kéèkì Lórúkọ Tó Ṣeé Pè

Ẹ̀yin tó ń ṣe kéèkì tà ní Másífà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Kéèkì yín dùn. Orúkọ tí ẹ ń fún un ni ìṣòro.

Ní Kérésì tó kọjá, mo tẹ Wasáàpù sí ilé búrẹ́dì kan: "E joo, agbon odun kan." Kéèkì alágbọn ni mo fẹ́. Agbọ̀n ńlá tí búrẹ́dì, ṣinṣín àti ohun mímu kún inú rẹ̀ ni ọlọ́kadà gbé dé, pẹ̀lú owó tí mi ò ní lọ́wọ́. Inú bí mi, àmọ́ ọmọ tó gba iṣẹ́ náà ò jẹ̀bi. Ọ̀gá rẹ̀ ló pe ọ̀kan ní Àgbọn Ọdún, tó pe èkejì ní Agbọ̀n Ọdún. Lẹ́nu, ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Lórí fóònù ńkọ́? Mélòó nínú wa ló ń fi àmì sọ́rọ̀?

Àwọn kan á ní ká kúkú fi Gẹ̀ẹ́sì pè é, kó lè jọjú. Lójú ta? Ní Disẹ́ńbà, àwọn èèyàn wa máa ń ti Abíjàn wálé sí agbègbè Èjìgbò, Yorùbá àti Faransé ló sì wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀. Ẹ kọ "Fẹ́sítíìfù Kókónọ́ọ̀tì Dìláìtì" sára ògiri, ìka ni wọ́n máa nà sí i. Ẹni tó ń nàka ò sì lè pè yín lórí fóònù lọ́la pé òun tún fẹ́ òmíràn.

Ẹ wo dòdò Ìkirè, nínú Ọ̀ṣun wa yìí náà. Dòdò sọ ohun tó jẹ́, Ìkirè sọ ibi tó ti wá. Ọ̀rọ̀ méjì péré, arìnrìn-àjò lè pè é láti ojú fèrèsé ọkọ̀.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀: Kéèkì Àgbọn, Kéèkì Ẹ̀pà, Ṣinṣín Oyin. Ẹni tí ẹ̀pà ń bá lára jà á ti mọ èyí tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹ wá sọ pé, "Ọdún wá dà níbẹ̀?" Ẹ kọ "Ti Kérésì" sókè pátákó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí "Ọdún" bá wà lára gbogbo wọn, kò ya ìkankan sọ́tọ̀ mọ́, oníbàárà á ní "kéèkì ọdún", ẹ̀yin náà á tún bi í pé "èwo?"

Kẹ́ ẹ tó lẹ pátákó, ẹ tẹ gbogbo orúkọ náà láìsí àmì. Èyí tó bá jọra, ẹ yí ọ̀kan padà: kí agbọ̀n yẹn máa jẹ́ Apẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì tìtorí pé ẹ fẹ́ orúkọ ìbílẹ̀ kẹ́ ẹ wá pe kéèkì ní Ògìyán. Orúkọ oyè ọba Èjìgbò nìyẹn. Ta ló fẹ́ lanu sọ pé, "Ẹ bá mi gé Ògìyán sí méjì"?