Ọ̀rọ̀ Ojú Fídíò fún Ẹni Tó Pa Ohùn

Láti ọdún 2013 tí Facebook ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí fídíò máa ṣí fúnra rẹ̀ láìmú ohùn dání, ìpolówó ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò láìgbọ́. Ẹni tó wà nínú danfo kò fẹ́ kí fóònù òun pariwo, ẹni tó wà ní ọ́fíìsì kò fẹ́ kí ọ̀gá gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sójú fídíò nìkan ló lè bá irú wọn sọ̀rọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì yàtọ̀ sí kéèyàn kàn da gbogbo ohun tí olùpolówó sọ kọ sílẹ̀.

Ìdí ni pé nínú ìpolówó, ẹnu lè yá ju ojú lọ. Ká mú ìpolówó èlùbọ́ kan tó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohùn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń sọ pé: "Ẹ̀yin ìyá wa, ṣé kò tíì sú yín kí ẹ máa ro àmàlà tí iyanrìn á máa dún lẹ́nu bí ẹni ń jẹ òkúta?" Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ni wọ́n fi sọ ọ́, àmọ́ tí a bá ka lẹ́tà àti àlàfo inú rẹ̀, ó lé ní 90. Ìyẹn ju 20 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bẹ́ẹ̀, 20 ni Netflix fi ṣe òpin fún àgbàlagbà tó ń ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ fíìmù, ẹni yẹn sì jókòó láti wò ó ni. Ẹni tó ń fi àtàǹpàkò ti ojú fóònù lọ sókè kò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Kí òǹkọ̀wé má kọjá ìdajì iye yẹn.

Nítorí náà, gígé ni iṣẹ́ náà. Orúkọ ọjà àti ohun tó ń ṣe gbọ́dọ̀ ti jáde kí olùwòran tó ti fídíò kọjá. Tí a bá gé ọ̀rọ̀ èlùbọ́ yẹn, bó ṣe máa rí nínú fáìlì SRT nìyí:

```
1
00:00:00,000 --> 00:00:02,500
Iyanrìn nínú àmàlà?

2
00:00:02,500 --> 00:00:06,500
Iṣu tí a fọ̀ mọ́,
èlùbọ́ tí a kù lẹ́ẹ̀mejì
```

Lẹ́tà àti àlàfo 19 ló wà nínú èkíní fún ìṣẹ́jú àáyá méjì àtààbọ̀. Ojú á kà á tán, á sì tún ráyè wo àwo àmàlà. Nínú èkejì, ibi tí èémí ń dá ni a ti gé ìlà. Ká ní "a kù" parí ìlà kan tí "lẹ́ẹ̀mejì" sì bọ́ sí ìlà kejì, òǹkàwé á kọsẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni ariwo tí kì í ṣe ọ̀rọ̀. Nínú ìpolówó yìí, ọkọ fi òkèlè sẹ́nu, iyanrìn dún, ìyàwó yí ojú padà. Láìsí ohùn, ọkùnrin tó kàn dáwọ́ oúnjẹ dúró ni olùwòran rí, ẹ̀fẹ̀ náà sì kú. "Iyanrìn dún lẹ́nu" ní àárín àmì akámọ́ ti tó láti gbà á là. Kó má ṣáájú ìró náà o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ti já àwàdà náà kó tó dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ máa wà náà ní ìṣòro tirẹ̀. Lórí TikTok àti Reels, orúkọ ẹni tó gbé fídíò jáde ló ń bo ìsàlẹ̀, bọ́tìnnì ìfẹ́ràn àti ti èsì sì ń bo ọwọ́ ọ̀tún. Kí ọ̀rọ̀ gòkè díẹ̀ sí ibẹ̀, kó má sì bo ọwọ́ ẹni tó ń ro àmàlà. Lẹ́tà funfun lórí ohun tó funfun kò ṣe é kà. Ẹ fi àpótí dúdú sẹ́yìn rẹ̀.

Fún ọ̀rọ̀ Yorùbá, àmì ohùn ló máa ń dani láàmú jù. Lẹ́tà tó ní àmì lókè tó tún ní ti ìsàlẹ̀, bíi ẹ́ àti ọ̀, kò ní àyè kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Àmì òkè ni a ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ìrísí lẹ́tà ọlọ́ṣọ̀ọ́ kò lè gbé e: àmì á sún sórí lẹ́tà kejì, tàbí kí àpótí kékeré jáde níbẹ̀. Àwọn kan á wá yọ gbogbo àmì kúrò. Ìyẹn kò dáa, torí kò sí ohùn tó máa tọ́ òǹkàwé sọ́nà. Ìrísí lẹ́tà ni kí wọ́n pààrọ̀.

Nọ́ńbà fóònù olùtajà ló yẹ kó pẹ́ jù lójú fídíò, torí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ènìyàn ń kà á. Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ pa ohùn, ẹ fún ẹni tí kò rí ìpolówó náà rí ní fóònù, kó wò ó lẹ́ẹ̀kan. Tí kò bá lè sọ ohun tí wọ́n ń tà àti bí òun ṣe máa rí i rà, ẹ má tíì gbé e jáde.