Ìgò Ewé Tútù Àbúrò Mi

Òjò ti ń rọ̀, tẹ̀tẹ̀ ti ń hù lẹ́yìnkùlé, ṣọkọ sì ti pọ̀ lọ́jà. Ọ̀rọ̀ ewé ni mo gbé wá lónìí, nítorí ohun tí ojú àbúrò mi rí.

Lọ́ńdọ̀nù ni àbúrò mi ọkùnrin ń gbé. Lọ́hùn-ún, sípínáàṣì ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa fi ń ro ẹ̀fọ́, torí kò rọrùn láti rí tẹ̀tẹ̀ rà níbi gbogbo. Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá ó ní òun fẹ́ dín sísanra kù. Ó wá ń kó ìkúnwọ́ sípínáàṣì tútù méjì sẹ́nu ẹ̀rọ ìlọta láràárọ̀, á fi omi àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan sí i, á lọ̀ ọ́, á rọ ọ́ sínú ìgò, á máa mu ún lọ síbi iṣẹ́. Oṣù méje ló fi ṣe é.

Lóru ọjọ́ kan ó pè mí. "Sistá mi, ẹ̀gbẹ́ mi fẹ́ já o! Ó ń ti ẹ̀yìn bọ̀ wá sí abẹ́ ikùn, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Mo ti bì lẹ́ẹ̀mejì." Mo bi í pé báwo ni ìtọ̀ rẹ ṣe rí. Ó ní ó pọ́n bíi sóbò. Mo ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọgbọ̀n ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì, mo mọ ohun tí mò ń gbọ́. Mo ní, "Dìde, máa lọ sílé ìwòsàn báyìí." Nígbà tí wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀, òkúta ni wọ́n rí nínú ọ̀nà ìtọ̀, mìlímítà 4. Èyí tó kéré báyẹn sábà máa ń bá ìtọ̀ jáde fúnra rẹ̀. Tirẹ̀ jáde lọ́jọ́ kẹsàn-án. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kálísíọ́mù òun ọ́sáléètì ló para pọ̀ di òkúta.

Ọ́sáléètì yìí, ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ẹ kàn lè má mọ orúkọ rẹ̀ ni. Tí èèyàn bá jẹ kókò tí kò jiná, tí ọ̀fun ń yún un, ọ́sáléètì tó ti gan bí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ ló ń gún un. Tí ẹ bá jẹ sípínáàṣì tí eyín yín ń ha bí ẹni jẹ yanrìn, òun náà ni. Ó wà nínú sípínáàṣì púpọ̀, ó wà nínú tẹ̀tẹ̀, gbúre àti amúnútutù náà.

Ìwà rẹ̀ ni pé tó bá ti rí kálísíọ́mù, á dì mọ́ ọn, wọn ò sì ní fẹ́ tú ká mọ́. Ibi tí wọ́n ti pàdé ló ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá pàdé nínú ìfun, ìgbẹ́ ni wọ́n á bá jáde, kíndìnrín ò ní gbọ́ sí i. Àmọ́ kálísíọ́mù yẹn ti ṣòfò nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí sípínáàṣì fi ń tàn wá jẹ. Nínú gíráàmù 100 rẹ̀, kálísíọ́mù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílígíráàmù 100, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 5 péré ni ara ń rí mú. Tó bá jẹ́ inú mílíìkì ni iye kan náà ti wá, ara á mú tó 27. Nítorí náà, ẹni tó ní sípínáàṣì lòun fi ń tọ́jú eegun, ọwọ́ rẹ̀ ò tí ì tẹ nǹkan kan.

Bí ọ́sáléètì bá wá dé inú ìfun tí kò bá kálísíọ́mù tó máa dì mú, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà lọ. Kíndìnrín á sẹ́ ẹ sínú ìtọ̀. Kálísíọ́mù wà nínú ìtọ̀ náà, ibẹ̀ ni wọ́n á ti wá pàdé. Bí ìtọ̀ bá tún ki, tí omi ò tó, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gan.

Ibí gan-an ni àbúrò mi ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Nígbà tó gbọ́ pé kálísíọ́mù wà nínú òkúta náà, ó pa mílíìkì tì pátápátá, ó sì ń mu ewé tútù rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, dókítà ní kó gba gbogbo ìtọ̀ wákàtí 24 sínú kẹ́ẹ̀gì. Ọ́sáléètì inú rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 68, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó ju nǹkan bíi 45 lọ. Ó ti lé kálísíọ́mù tí ì bá gbà á sílẹ̀ nínú ìfun jáde. Ní Ítálì, àwọn onímọ̀ tẹ̀ lé ọkùnrin 120 tí òkúta ti ń yọ lẹ́nu fún ọdún 5, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2002. Wọ́n ní kí ìdajì wọn dín kálísíọ́mù kù. Wọ́n ní kí ìdajì yòókù jẹ kálísíọ́mù bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n kí wọ́n dín iyọ̀ àti ẹran kù. Òkúta padà sára 23 nínú àwọn tàkọ́kọ́, 12 péré nínú àwọn tèkejì.

Mo wá sọ fún àbúrò mi pé kó padà sídìí ìkòkò ìyá wa. Ìyá wa kì í ro ẹ̀fọ́ láìbọ̀ ọ́. Ẹ gbé omi púpọ̀ kaná, kó hó dáadáa, kí ẹ da ewé tí ẹ ti rẹ́ sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fún un, ẹ da omi náà nù. Apá ọ́sáléètì tó ń yòrò ń bá omi yẹn lọ, ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí kó ju ìdajì lọ dáadáa. Ẹni tó bá fi omi náà se ọbẹ̀ ti kó o padà. Òótọ́ ni pé díẹ̀ nínú àwọn fítámì máa bá omi lọ, ṣùgbọ́n fún ẹni tí òkúta ti mú rí, ó sàn bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kí kálísíọ́mù wà nínú àwo kan náà. Àwọn tó ń fi wàrà sínú ẹ̀fọ́ rírò gbọ́n. Ẹja wẹ́wẹ́ tí à ń rún teegun-teegun náà dára. Inú oúnjẹ ni kó ti wà o, kì í ṣe wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn oúnjẹ, torí inú ìfun la fẹ́ kí wọ́n ti pàdé. Kí iyọ̀ kéré, nítorí iyọ̀ ń lé kálísíọ́mù sínú ìtọ̀. Kí èèyàn máa mu omi títí ìtọ̀ á fi mọ́ bí omi ẹ̀kọ tó ti tòrò. Kó má sì máa gbé oògùn fítámì Sí ńlá-ńlá mì lójoojúmọ́, torí ara ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di ọ́sáléètì.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n tún gba ìtọ̀ wákàtí 24, ó ti wálẹ̀ sí 41. Ó ṣì ń jẹ ẹ̀fọ́, ìgò àárọ̀ ló jù nù.

Ẹ má torí èyí sá fún ẹ̀fọ́ o. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń jẹ ẹ̀fọ́ bíbọ̀ ni òkúta kò mú rí. Tẹ̀tẹ̀ tí a sì ń gún sínú omi ẹ̀rọ̀ láti fi wẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èyí tó ń gba ẹnu wọlé ni mò ń sọ, pàápàá èyí tí à ń lọ̀ ní tútù lójoojúmọ́. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ mu irú rẹ̀ rárá, kó má sì dá oògùn kálísíọ́mù lò láìbi dókítà. Bí ẹ̀gbẹ́ bá ń dun èèyàn tí ibà sì tún mú un, tàbí tí kò rí ìtọ̀ tọ̀, kó má dúró de ilẹ̀ mọ́, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ.